Mo ṣí Hálílì, n ò rí ọ̀nà jáde: ẹ bá mi to ìwé fíkíhì tí màá kà

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàlàfí

Àsàláámù àlékúmù, bàbá mi Àáfà. Ọmọ yín tó ń wá sí ilé kéú yín ní Àjàṣẹ́ láti kékeré ló ń kọ̀wé yìí. Mo ti dé ọdún kẹta báyìí ní yunifásítì ní Kàlàfí, ẹ̀ka èdè Lárúbáwá. Orí fíkíhì àtijọ́, ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn wa, ti ìlànà Ímáámù Málíkì ni mo fẹ́ kọ mẹ́múà ìparí ẹ̀kọ́ mi lé, ẹni tí kò sì ka ìwé àwọn àgbà kò lè kọ ọ́. Mo ra Mùhútásárì ti Hálílì, ìwé kúkúrú tó kó òfin ìlànà náà jọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ka ojú ewé mẹ́rin. Mo mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n n ò mọ ohun tí bàbá náà ń sọ. Oṣù 14 ló kù fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi to ìwé tí màá kà, èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì sọ bí màá ṣe kà wọ́n.

Àáfà Wàǹdó

Wàláíkúmù sàláámù, ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ìwé. Má rò pé ọpọlọ rẹ ló kọ̀ ọ́. Hálílì ò kọ ìwé yẹn fún ẹni tó fẹ́ kọ́ fíkíhì. Ẹni tó ti kọ́ ọ tán, tó ń wá ohun tí yóò kó sórí, ló kọ ọ́ fún. Ó dà bí ìwé gbèsè ìyá aláṣọ lọ́jà Wàǹdó. Àmì wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà nìkan ló mọ èyí tó tà àti ẹni tó tà á fún.

Pa á dé fún oṣù márùn-ún. Mú Rísálà ti Íbínù Abí Sáídì, ará Káíráwánì, tó kú ní 996. Ìwé náà fúnra rẹ̀, èsì ìwé ni: ẹnì kan ló bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́ láti fi kọ́ àwọn ọmọdé, o ó rí i bó ṣe ń dá ẹni náà lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn rẹ̀ fi ṣí sílẹ̀. Ó ń sọ ẹni tó ń ṣe nǹkan, ó ń sọ bó ṣe ń ṣe é. Àhàdárì tí o kà lọ́dọ̀ mi nígbà tí o wà ní kékeré, má padà sórí rẹ̀. Ìmọ́tótó àti ìrun nìkan ló sọ, ibi àṣìṣe inú ìrun ló sì ti dákẹ́.

Bí o ṣe máa ka Rísálà nìyí. Ka orí kan, pa ìwé dé, kí o wá sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá. Màmá rẹ dára fún un. Ibi tí Yorùbá rẹ bá ti há, ibẹ̀ ni Lárúbáwá náà ò ti yé ọ, ẹnu rẹ ló kàn ń pè é. Fi lẹ́ẹ̀dì sàmì síbẹ̀, kí o gbé e wá fún mi ní Ọjọ́bọ̀.

Nígbà tí o bá parí rẹ̀, mi ò ní fún ọ ní ìwé mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni màá fún ọ, wàá sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti inú ìwé dé inú ìwé: ẹni tó dúró lórí ìrun, ṣé kó sọ ọwọ́ sílẹ̀ ni, àbí kó gbé ọ̀tún lé òsì? Kọ́kọ́ wá a nínú Múwáttá, ìwé hádíìsì tí Málíkì fúnra rẹ̀ kó jọ, lẹ́yìn náà nínú Múdáwánà ti Sáhánúnù. Ìgbà yẹn ni kí o tó ṣí Hálílì padà, pẹ̀lú àlàyé tí Dárídírì ṣe lórí rẹ̀. Bìdáyà ti Íbínù Rúṣídì ló máa gbẹ̀yìn. Oṣù kan fún ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ kan yìí kò pọ̀ jù. Tí o bá ti rin ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan, o lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn rìn ín fúnra rẹ, mẹ́múà rẹ á sì ti bẹ̀rẹ̀.

Amòfin Kútọnu

Ẹ kú ìjókòó o. Àbúrò mi, tó bá jẹ́ jurisprudáǹsì ni, kí ni o ń fi ìwé Lárúbáwá ṣe? Ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ gíga ti dá sẹ́yìn ni kí o lọ kó jọ, kí o tò wọ́n ní ọdún sí ọdún, kí o wo ibi tí àwọn adájọ́ ti yí ohùn padà. Mo lè júwe ilé ìkàwé tí wọ́n wà fún ọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàlàfí

Ẹ ṣeun, bùrọ̀dá. Kì í ṣe jurisprudáǹsì ti ilé ẹjọ́ ni mo ń sọ. Fíkíhì ni.

Amòfin Kútọnu

Áà, ẹ má bínú. Faransé ló ṣì mí lọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń pè méjèèjì.

Ọmọ Ìkẹ́tu

Àáfà, ẹ kú làálàá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ò gba oṣù púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Ìkẹ́tu ni pé ìjọba na Ímáámù Málíkì títí apá rẹ̀ fi yẹ̀, kò lè gbé ọwọ́ lé àyà mọ́, ó wá ń sọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó rí i ló rò pé bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kírun nìyẹn. Ó wà nínú Múdáwánà tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

Àáfà Wàǹdó

Ọmọ Ìkẹ́tu, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ dúró. Wọ́n na Málíkì lóòótọ́, gómìnà Mẹ̀dínà ló ní kí wọ́n nà án, apá rẹ̀ sì fara gbá a. Ìtàn yẹn lókìkí. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ Múdáwánà, inú Múdáwánà náà sì gan-an ni ohun tó ń já ìtàn apá yìí wà.

Málíkì kú ní 795. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan wà ní Íjíbítì tó ń jẹ́ Íbínù Kásímù, tó jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sáhánúnù, ará Káíráwánì, kò bá Málíkì. Ó lọ bá Íbínù Kásímù ní Íjíbítì, ó gbé ìbéèrè síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí sì ń dáhùn pé báyìí ni mo gbọ́ lẹ́nu Málíkì, tàbí pé mi ò gbọ́ nǹkan kan lórí èyí ṣùgbọ́n lójú tèmi báyìí ló ṣe yẹ kó rí. Ìbéèrè àti ìdáhùn yẹn ni Múdáwánà. Ẹni tó bá ń kà á gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan.

Lórí ọwọ́, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Málíkì ní òun ò mọ gbígbé ọwọ́ lé ọwọ́ nínú ìrun ọ̀ranyàn, kò sì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú nàfílà, ìrun tí kì í ṣe dandan, tí ìdúró bá gùn, kò sí aburú níbẹ̀, kí ènìyàn fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹni tí apá ń dùn, tó sọ ọwọ́ sílẹ̀ nítorí ìrora, kò ní í máa ya ọ̀ranyàn sọ́tọ̀ kúrò lára nàfílà, kò sì ní sọ pé tí ìdúró bá gùn kí ẹlòmíràn gbé ọwọ́ lé ọwọ́.

Ọmọ Ìkẹ́tu

Ó ti yé mi, Àáfà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó sọ fún wa náà kàwé o.

Sùná Ló Kù

Gbogbo wàhálà yìí, nítorí kí ni? Hádíìsì wà nílẹ̀. Sáhílì ọmọ Sáídì ní wọ́n máa ń pàṣẹ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé apá òsì lórí ìrun. Ẹni tó bá rí èyí, kí ló tún ń wá lọ sọ́dọ̀ Sáhánúnù àti Hálílì? Ọmọbìnrin yìí, ka hádíìsì, kí o fi ọ̀rọ̀ ènìyàn sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàlàfí

Bùrọ̀dá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ àti ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ni mo fẹ́ kọ nínú mẹ́múà, kì í ṣe bí màá ṣe kírun.

Àáfà, mi ò lè mú sùúrù de ìparí Rísálà, ẹ dárí jì mí. Mo ti lọ wo Múwáttá nílé ìkàwé. Mo ka gbogbo ìwé ìrun inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ọ̀rọ̀ ọwọ́ níbẹ̀. Ṣé ẹ̀dà tiwa ló dín ni?

Àáfà Wàǹdó

Kò dín. Inú ìwé tó sọ nípa dídín ìrun kù fún arìnrìn-àjò ni kí o wò. Ibẹ̀ ló wà nínú Múwáttá tí Yáhíyà gbà lẹ́nu Málíkì, orí kékeré kan tó ní hádíìsì méjì péré. Gbogbo ọmọ kéú ló máa ń sọnù níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi náà sọnù níbẹ̀, olùkọ́ mi sì jẹ́ kí n wá a fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó fi hàn mí. Àwọn ará ìgbà yẹn kì í fìgbà gbogbo to ìwé bí àwa ṣe ń tò ó, nítorí náà tí o bá wá ọ̀rọ̀ níbi tí o rò pé ó yẹ kó wà tí o ò rí i, má tíì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí.

Hádíìsì kejì nínú orí yẹn ni hádíìsì Sáhílì tí Sùná Ló Kù mẹ́nu bà. Nítorí náà, arákùnrin mi, Málíkì mọ hádíìsì rẹ. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sínú ìwé. Ìbéèrè tó ń dun àwọn àgbà gan-an nìyẹn: kí ló dé tí ẹni tó gbé hádíìsì yìí fún wa fi sọ fún Íbínù Kásímù pé òun ò mọ̀ ọ́n nínú ọ̀ranyàn? Bí o bá ní kó jù ú nù, o ò dáhùn ìbéèrè náà. O kàn kúrò nídìí rẹ̀ ni.

Sùná Ló Kù

Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀. Íbínù Kásímù gbọ́ ọ ṣì ni.

Àáfà Wàǹdó

Àwọn kan sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ìwọ nìkan kọ́. Mútárífù àti Íbínù Májíṣúnù, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Málíkì ní Mẹ̀dínà, sọ pé àwọn gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ó dára. Íbínù Ábídílíbárì ti Andalúsíà, tó kú ní 1071, ọmọlẹ́yìn Málíkì paraku, sì fara mọ́ gbígbé ọwọ́ lé ọwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ti Íbínù Kásímù ló pọ̀ jù, nítorí pé ó pẹ́ lọ́dọ̀ Málíkì. Wo bí wọ́n ṣe ń jà á: ta ló gbọ́ ọ, ìgbà wo ló gbọ́ ọ, ta ló pẹ́ jù níbẹ̀. Fíkíhì nìyẹn. N kò sọ ẹni tó jàre fún ọ.

Ìyá Ṣakẹ́tẹ́

Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Bàbá wa kú, ó fi ilé kan àti oko ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Ṣakẹ́tẹ́. Àwa obìnrin mẹ́ta, ọkùnrin kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé Rísálà kan wá, ó ní ó wà níbẹ̀ pé ìlọ́po méjì tiwa ni tòun. Ṣé òótọ́ ni? Ìwé wo ni kí èmi náà kà?

Àáfà Wàǹdó

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àṣèyìndè bàbá. Ohun tó rí nínú Rísálà wà níbẹ̀, kò parọ́. Ṣùgbọ́n gbèsè bàbá, ìnáwó òkú àti ohun tó bá sọ pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn ni wọ́n ń yọ kí ẹnikẹ́ni tó pín nǹkan kan, ìyá yín náà sì ní ìpín tirẹ̀ tó bá wà láyé. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ìpín náà jẹ́ ẹni tí yóò ka ìwé fún yín. Ẹ wá sọ́dọ̀ mi, ẹ̀yin àti òun pọ̀.

Amòfin Kútọnu

Ibi tí mo lè wúlò rèé. Ìyá wa, lójú ìjọba, òfin 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, èyí tí wọ́n ń pè ní kóòdù ìdílé, ló ń darí ogún ní Bẹ̀nẹ̀. Kò ya ọmọbìnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọkùnrin nínú ìpín. Tí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, kóòdù yẹn ni adájọ́ máa ṣí. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan kí ẹ tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá Ṣakẹ́tẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì ẹ ṣeun. Ẹ̀yin méjì ò sì sọ ohun kan náà, àbí?

Àáfà Wàǹdó

Rárá, a ò sọ ohun kan náà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín jọ wá nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi, níwọ̀n ìgbà tí o ti fò kọjá ìlà, jẹ́ kí n ṣí Hálílì fún ọ níbi tó ń pa ọ́ lójú. Nínú àwọn ohun tó dára láti ṣe lórí ìrun, ó ní: sísọ ọwọ́ sílẹ̀. Ó wá bèèrè: ṣé ó tọ́ láti gbé ọwọ́ lé ọwọ́ nínú nàfílà, àbí tó bá gùn nìkan? Ṣé nítorí fífara ti nǹkan ni wọn ò ṣe fẹ́ ẹ nínú ọ̀ranyàn, àbí ìbẹ̀rù kí àwọn ènìyàn má lọ gbà pé dandan ni, àbí kí wọ́n má máa fi ìrẹ̀lẹ̀ hàn? Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tì í: *táwílátì*, ìyẹn àwọn ọ̀nà tí wọ́n gbà lóye ọ̀rọ̀. Ó tán. Ìlà méjì.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Hálílì sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ń fò nìyẹn, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àkọ́sọ lásán ni. Ó ní ibi tí òun bá ti lo irú ọ̀rọ̀ yìí, ìjà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe lórí ohun tó tọ́ tàbí tí kò tọ́. Orí bí àwọn tó ṣàlàyé Múdáwánà ṣe lóye gbólóhùn inú rẹ̀ ni wọ́n ti pín. Tó bá jẹ́ *hìláfù* ló kọ, ìyẹn ni pé àwọn àgbà pín lórí èyí tó lókìkí jù. Tó bá jẹ́ *kawuláánì*, ohùn méjì wà, òun ò sì rí ẹni tó yan ọ̀kan lé èkejì lórí. Orúkọ ènìyàn náà ló fi pamọ́ bẹ́ẹ̀: tó bá lo ọ̀rọ̀ yíyàn, àgbà kan tó ń jẹ́ Láhámì ló ń sọ, tó bá ní ó hàn gbangba, Íbínù Rúṣídì ni. Ó tilẹ̀ tún jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wá bí ohun tí ẹnì kan ṣe, ẹni náà ló dá a sọ fúnra rẹ̀. Tó bá wá bí orúkọ lásán, inú ohùn àwọn tó ṣáájú ló ti mú un.

Kọ ìwọ̀nyí sí pépà kékeré kan, kí o fi há ẹ̀yìn ìwé náà. Ẹni tí kò ní pépà yẹn, tó ń ka Hálílì, ọjọ́ kan á jókòó láàárín àwọn ènìyàn, á ní Málíkì sọ pé nítorí ìrẹ̀lẹ̀ ni. Málíkì ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ló rò pé ohun tó wà lọ́kàn Málíkì nìyẹn.

Onísọ̀wé Ìgòlò

Àáfà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti ìwé náà fúnra rẹ̀, nítorí mo ń rí i lójoojúmọ́. Dárídírì tí àlàyé Dásúkì wà lábẹ́ rẹ̀, ìdìpọ̀ mẹ́rin, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá. Olówó pọ́ọ́kú ń gba fòtòkópì. Ẹ ṣọ́ra o. Inú àkámọ́ ni ọ̀rọ̀ Hálílì wà láàárín ọ̀rọ̀ Dárídírì. Tí ẹ̀rọ bá ti jẹ àkámọ́ náà, tàbí tó ti di dúdú, ẹ ò ní mọ ibi tí Hálílì ti dákẹ́ tí Dárídírì ti gba ẹnu rẹ̀. Mo ti rí ọmọ kan tó kó odidi gbólóhùn Dárídírì sórí, tó ń pè é ní Hálílì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yín tó sanwó, kó ṣí ojú ewé kan, kó wá àkámọ́ márùn-ún. Tí kò bá rí wọn, kó dá a padà sórí tábìlì.

Ìtumọ̀ sí Faransé tún wà, èyí tí Pẹ́rọ́nù ṣe láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó wúlò fún ẹni tó ń kọ mẹ́múà ní Faransé, ṣùgbọ́n ó po àlàyé mọ́ ọ̀rọ̀ Hálílì, ó ti di ìwé mìíràn. Ti Rísálà tí Bẹ́ríṣẹ́ ṣe ló dára, Lárúbáwá àti Faransé fojú kojú.

Ọmọ Ìkẹ́tu

Èwo wá ni Íbínù Rúṣídì tí wọ́n ń sọ? Onífilọ́sọ́fì yẹn náà ni?

Àáfà Wàǹdó

O bi mí síbi tó dára. Méjì ni wọ́n, bàbá àgbà àti ọmọ ọmọ, orúkọ kan náà, adájọ́ ni àwọn méjèèjì ní Kọ́dóbà. Bàbá àgbà kú ní 1126, òun ni Hálílì ń tọ́ka sí. Ọmọ ọmọ kú ní 1198, òun ni onífilọ́sọ́fì, òun ló kọ Bìdáyà. Kò sí àyè fún Bìdáyà nínú Hálílì rárá.

Ìdí tí mo fi gbé Bìdáyà sẹ́yìn nìyí. Ìwé tó dùn ni, ó ń sọ ìdí tí àwọn àgbà fi pín, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ nìkan. Lórí ọwọ́, ó ní àwọn hádíìsì tó dúró wà tó ṣàpèjúwe ìrun Ànábì tí wọn kò dárúkọ gbígbé ọwọ́ lé ọwọ́, ó sì dúró pẹ̀lú pé wọ́n pàṣẹ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Ibi tí ìjà ti wá nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ á rò pé òun ti mọ gbogbo rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ó ti mọ orúkọ ìjà náà, kò tíì mọ àwọn tó ń jà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàlàfí

Àáfà, mo ti rí orí náà nínú Múwáttá, níbi tí ẹ wí gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní Dárídírì, àkámọ́ rẹ̀ pé. Ohun tí mo kọ sínú káyé mi rèé, ẹ bá mi wò ó.

Mo kọ pé Málíkì ní ìdí mẹ́ta tí kò fi fẹ́ gbígbé ọwọ́ lé ọwọ́ nínú ọ̀ranyàn: fífara tì, ìbẹ̀rù kí wọ́n má sọ ọ́ di dandan, àti fífi ìrẹ̀lẹ̀ hàn. Mo kọ pé èyí àkọ́kọ́ ni Dárídírì gbára lé. Ohun kan wá dà mí rú. Dárídírì ní tí ènìyàn kò bá ṣe é nítorí fífara tì, tó jẹ́ nítorí àti tẹ̀ lé sùná ló fi ṣe é, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé kì í ṣe pé ó ti já gbogbo ọ̀rọ̀ Hálílì nìyẹn?

Àáfà Wàǹdó

Nu ìlà àkọ́kọ́ nù. Málíkì kò ní ìdí mẹ́ta. Wo ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Hálílì padà, pépà kékeré rẹ dà? Mẹ́ta yẹn, ohun tí àwọn mìíràn rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Kọ ọ́ báyìí: Málíkì kò fẹ́ ẹ, àwọn tó ṣàlàyé Múdáwánà pín sí mẹ́ta lórí ìdí.

Èkejì, kò já a. Padà sínú Múdáwánà. Kí ni Málíkì sọ nípa nàfílà? Kí ènìyàn fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́, ó ń fara ti nǹkan ni, bí ẹni tó gbára lé ọ̀pá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú wọn sọ pé fífara tì ló ń sá fún nínú ọ̀ranyàn. Tí fífara tì bá wá jẹ́ ìdí, ẹni tí kò fara tì kò sí lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Dárídírì kàn tọ ìdí náà dé òpin rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìdí kejì lo yàn, ìbẹ̀rù kí wọ́n má sọ ọ́ di dandan, ẹni tó ṣe é nítorí sùná gan-an ló máa kó sínú rẹ̀. Ìdí tí o bá yàn ló ń sọ ẹni tí òfin náà mú. Ibi tí mo fẹ́ kí mẹ́múà rẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Sùná Ló Kù

Ẹ dúró ná. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ìwé Málíkì fúnra rẹ̀ gbà mí láyè láti gbé ọwọ́ lé ọwọ́? Kí ló dé tí wọ́n fi ń wo mí kọ́ọ́rọ́ ní mọ́sáláṣí?

Àáfà Wàǹdó

Ohun tí mo sọ ni pé Dárídírì kọ ọ́, lórí ìdí kan. Àwọn tó ń wò ọ́ kọ́ọ́rọ́ ka ìdajì gbólóhùn, ìwọ náà ka ìdajì kejì. Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀ kó kàwé.

Ọmọ Ìkẹ́tu

Àáfà, ní tèmi, mo ṣì rò pé ó yẹ kó kó Hálílì sórí kó tó lóye rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é fún wa. Nígbà tí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu.

Àáfà Wàǹdó

Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ẹni tó ní oṣù 14, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn olùkọ́ àgbà tó wà lẹ́yìn rẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàlàfí

Màá padà sí Rísálà lọ́la, Àáfà, mo ṣèlérí. Màmá mi ti ní kí n máa bọ̀ wá ka orí ìmọ́tótó fún òun nídìí ọjà. Ìbéèrè kan péré ló kù. Málíkì sọ ọ́ kedere pé nínú nàfílà *tí ìdúró bá gùn*. Báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe wá lè ka ìlà yẹn kó ní ó tọ́ nínú nàfílà yálà ó gùn tàbí kò gùn? Hálílì gbé e kalẹ̀ bí ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí wọ́n gbà lóye rẹ̀. Kí ni wọ́n rí tí èmi ò rí?

Àáfà Wàǹdó

Mi ò ní sọ fún ọ. Ka abẹ́ ìlà, níbi tí Dásúkì wà, kọ ohun tí o bá rí. Kí o gbé Múdáwánà tìrẹ dání ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun alásàrì.